Bí a ṣe ń wá Ea láti inú k méjì: ìdọ́gba Arrhenius ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun, Sàápàdé àti Ìlíṣàn: "Wọ́n fún wa ní k méjì àti ìwọ̀n ìgbóná méjì, wọ́n ní ká wá Ea. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn tó ti mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ náà ní ìbéèrè tiwọn: kí ló dé tí iye tí wọ́n rí ní láàbù kò fi sún mọ́ ti inú ìwé?

Ìdáhùn méjèèjì ló wà níbí. Ẹni tí nọ́ńbà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró sí apá kìíní. Ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìyára ìyípadà kẹ́míkà ní láàbù, kó ka apá kejì dáadáa, nítorí ooru ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

## Ohun tí ẹ ń wá gan-an

Ea ni agbára tí àwọn mólékù gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó lè yí padà nígbà tí wọ́n bá kọlu ara wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní agbára ìmúbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà k ló ń sọ bí ìyípadà náà ṣe yára tó ní ìwọ̀n ìgbóná kan. Bí ẹ bá mú nǹkan gbóná sí i, k yóò ga sí i. Bí Ea bá tóbi, fífò ni k máa ń fò sókè. Bí Ea bá kéré, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè. Nítorí náà, bí k ṣe fò tó láàárín ìwọ̀n ìgbóná méjì ló ń sọ iye Ea fún wa.

Ìdọ́gba Arrhenius nìyí. T ni ìwọ̀n ìgbóná ní kelvin, R ni nọ́ńbà gáàsì tí kì í yí padà, A sì ni nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti ìyípadà náà fúnra rẹ̀:

```
k = A × e^(-Ea/RT)
```

A kò mọ A, a kò sì nílò rẹ̀. Bí a bá kọ ìdọ́gba yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún T1, ọ̀kan fún T2, tí a fi ti àkọ́kọ́ pín ìkejì, A tó wà lókè àti A tó wà nísàlẹ̀ yóò pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù nìyí:

```
ln(k2/k1) = (Ea/R) × (1/T1 - 1/T2)

Ea = R × ln(k2/k1) ÷ (1/T1 - 1/T2)
```

Ìlà kejì yẹn ni iṣẹ́ wa. Ẹ fi T1 sí ìwọ̀n ìgbóná tó kéré jù, kí T2 jẹ́ èyí tó ga jù. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni kò ní ní àmì ìyọkúrò, ẹ ò sì ní máa bá àmì jà.

## Apá kìíní: ìṣirò

### Ẹ yẹ mẹ́rin yìí wò kí ẹ tó tẹ kálíkúlétọ̀

- k méjèèjì wà ní ẹyọ ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ti ìṣẹ́jú kan, tí èkejì jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ yí ọ̀kan padà kí ẹ tó fi pín èkejì.
- Ìyípadà kẹ́míkà kan náà ni, pẹ̀lú kátálíìsì kan náà tàbí láìsí rárá nínú méjèèjì.
- Ìwọ̀n ìgbóná ti kúrò ní °C, ó ti di K.
- R tí ẹ ó lò ni 8.314 J/(mol·K).

### Àpẹẹrẹ pẹ̀lú N2O5

Gáàsì N2O5 máa ń tú ká sí NO2 àti O2 bí a bá mú un gbóná díẹ̀. Iye k rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé kẹ́mísírì, ó sì dára fún ìdánrawò nítorí pé a ní k fún ju ìwọ̀n ìgbóná méjì lọ, a ó sì lo ìkẹta láti fi yẹ ara wa wò.

```
25 °C:  k1 = 3.46 × 10^-5 s^-1
45 °C:  k2 = 4.98 × 10^-4 s^-1
```

1. Ẹ yí ìwọ̀n ìgbóná padà. Ẹ fi 273 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: T1 = 298 K, T2 = 318 K. Ẹni tó bá fẹ́ fi 273.15 kún un kò ṣe nǹkan tó burú, kìkì pé kó fi kún méjèèjì. Ìdáhùn kò ní yí padà ní nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́.

2. Ẹ fi k1 pín k2. 4.98 × 10^-4 tí a fi 3.46 × 10^-5 pín jẹ́ 14.393. Ẹ dúró díẹ̀ wo nọ́ńbà yìí: ìyípadà náà ti yára ní ìlọ́po mẹ́rìnlá fún ogún dìgírì péré. Èyí ti sọ fún wa pé Ea kò ní kéré.

3. Ẹ tẹ `ln` fún 14.393. Yóò fún yín ní 2.6667. Bọ́tìnnì `ln` ni, kì í ṣe `log`.

4. Ẹ wá 1/T1 - 1/T2. Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ rọra. 1/298 jẹ́ 0.00335570, 1/318 jẹ́ 0.00314465. Bí a bá yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ó ku 0.00021105. Nọ́ńbà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohun kékeré tó ṣẹ́ kù láàárín wọn la sì ń lò. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn pọ́íńtì.

5. Ẹ sọ 2.6667 di púpọ̀ lọ́nà 8.314. Ó jẹ́ 22.17.

6. Ẹ fi 0.00021105 pín in. Ó jẹ́ bíi 105,050 J/mol.

7. Ẹ fi 1000 pín in kó lè di kílójúùlù: Ea = 105 kJ/mol.

Ọ̀nà kan wà tí ó yẹ ìgbésẹ̀ kẹrin sílẹ̀ pátápátá, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń ṣe é lórí bébà. Dípò kí ẹ wá 1/T1 àti 1/T2 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lo èyí:

```
1/T1 - 1/T2 = (T2 - T1) ÷ (T1 × T2)
            = 20 ÷ (298 × 318)
            = 20 ÷ 94764
            = 0.00021105
```

Kò sí nọ́ńbà tó gùn tí ẹ fẹ́ gé kù níbẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí àṣìṣe ìgékù yóò gbà wọlé.

### Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò: ẹ dán Ea yín wò

Bí ìbéèrè bá ní k ìkẹta, ẹ má fi sílẹ̀. Fún N2O5, k ní 35 °C jẹ́ 1.35 × 10^-4 s^-1. A kò lo ó rárá, nítorí náà ó lè jẹ́rìí fún wa. Ẹ fi Ea tí ẹ rí sọ ohun tó yẹ kí k jẹ́ ní 308 K:

```
ln(k/k1) = (105050 ÷ 8.314) × 10 ÷ (298 × 308)
         = 1.377
k/k1     = e^1.377 = 3.96
k        = 3.96 × 3.46 × 10^-5 = 1.37 × 10^-4 s^-1
```

1.37 ni ìṣirò wa sọ, 1.35 ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé, ìṣirò wa dúró nìyẹn. Ká ní nọ́ńbà tí ẹ rí jìnnà, bí 0.9 tàbí 2.1, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ṣi nǹkan kan tẹ̀, tàbí pé ìyípadà náà kò tẹ̀lé ìdọ́gba Arrhenius láàárín àwọn ìwọ̀n ìgbóná wọ̀nyẹn.

Bí kò bá sí k ìkẹta, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: ní àyíká 25 °C, ìyípadà tó ń yára ní ìlọ́po méjì fún dìgírì mẹ́wàá ní Ea bíi 53 kJ/mol. Tí tiyín bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ea yín gbọ́dọ̀ ju 53 lọ. N2O5 yára ní ìlọ́po mẹ́rin fún dìgírì mẹ́wàá, Ea rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì 53. Ẹni tó bá rí 12 kJ/mol fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti wọ́.

### Bí ìdáhùn tó wọ́ ṣe máa ń rí

Ìdáhùn tó wọ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń sọ àṣìṣe tó bí i. Àpẹẹrẹ N2O5 kan náà ni mo lò fún gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ fi tiyín wé e.

Ea kéré bíi 1.25 kJ/mol. °C lẹ lò. 1/25 - 1/45 jẹ́ 0.0178, ó sì tóbi ju èyí tó yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìdọ́gba yìí kò mọ °C rárá. Òun ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù láti dá mọ̀, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyípadà tó ń yára nípa ooru bẹ́ẹ̀ tí Ea rẹ̀ yóò kéré tó báyìí.

Ea jẹ́ 45.6 kJ/mol. `log` lẹ tẹ̀ dípò `ln`. Èyí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé 45.6 dà bí ìdáhùn gidi, ó sì lè kọjá lójú yín. Tí ìwé yín bá lo `log`, 2.303 gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ẹ sọ 45.6 di púpọ̀ lọ́nà 2.303, ẹ ó rí 105 padà.

Ea jẹ́ 100.8, tàbí 73.9. Ẹ ti gé nọ́ńbà kù ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹni tó kọ 0.00336 - 0.00314 ní 0.00022, ó sì rí 100.8. Ẹni tó kọ 0.0034 - 0.0031 ní 0.0003, ó rí 73.9. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ṣì ṣe. Olùkọ́ tó ń fún ìgbésẹ̀ ní máàkì lè fún yín ní púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn kì í ṣe òótọ́.

Ea ní àmì ìyọkúrò. Ẹ ti da k pọ̀ mọ́ T tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí ẹ kọ 1/T2 - 1/T1 nísàlẹ̀. Ẹ má kàn pa àmì náà rẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ padà wò bóyá k tó tóbi wà pẹ̀lú T tó ga.

Ea jẹ́ 1037. R = 0.0821 lẹ lò, ti ìṣirò gáàsì tó ń lo lítà àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́. Kì í ṣe júùlù ni ìdáhùn yẹn.

## Apá kejì: tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n

Ìdánwò tó rọrùn jù ní láàbù ilé-ìwé ni ti sódíọ̀mù tàíósọ́féètì àti ásíìdì HCl. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, imí-ọjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wẹ́wẹ́ nínú omi náà, omi yóò ṣú, àmì àgbélébùú tí ẹ fà sórí bébà lábẹ́ fúláàsìkì yóò sì pòórá lójú. Aago ló ń sọ ìyókù.

### Ohun tí ẹ nílò

- Omi sódíọ̀mù tàíósọ́féètì, gíráàmù 40 nínú lítà kan
- Ásíìdì HCl 2 mol/dm³
- Fúláàsìkì kóníkà, sílíńdà ìwọ̀n méjì tí ẹ kò ní pààrọ̀ fún ara wọn, tẹmómítà, aago
- Bébà funfun pẹ̀lú àmì àgbélébùú dúdú
- Omi gbígbóná nínú ọpọ́n. Èyí tó wá láti inú fúláàsì tàbí kẹ́túlù náà tó. Ẹ ò ní láti dúró de iná.
- Omi sódà ìfọṣọ nínú bíkéètì, tí ẹ ó máa da fúláàsìkì sí bí ẹ bá ti parí

### Ìkìlọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìyípadà yìí ń tú gáàsì SO2 sílẹ̀. Ó máa ń ta ni nímú, ó sì lè mú kí ẹni tó ní ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í mí fín-ín-fín-ín. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe fi imú sí ẹnu fúláàsìkì, ẹ má sì mú un gbóná kọjá 55 °C. Bí ìdánwò kan bá ti parí, ẹ dà á sínú omi sódà lójú ẹsẹ̀. Sódà yóò pa ásíìdì náà, gáàsì kò sì ní máa jáde mọ́. Ẹ tún fọ fúláàsìkì kíá: bí imí-ọjọ́ bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, àmì yóò tètè pòórá nínú ìdánwò tó kàn, ìyára tí ẹ ó kọ sílẹ̀ yóò sì ju bó ṣe yẹ lọ.

### Ìgbésẹ̀

1. Ẹ da 10 cm³ tàíósọ́féètì àti 40 cm³ omi sínú fúláàsìkì. Ẹ gbé e sórí àmì àgbélébùú.
2. Ẹ da 5 cm³ ásíìdì sí i, ẹ tẹ aago lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mì í lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, ẹ ka ìwọ̀n ìgbóná kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni T1.
3. Ẹ wo àmì náà láti òkè tààrà. Bí ẹ kò bá rí i mọ́, ẹ dá aago dúró. Èyí ni t1.
4. Ẹ fọ fúláàsìkì. Ẹ tún da 10 cm³ àti 40 cm³ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú omi gbígbóná títí yóò fi dé bíi 48 °C.
5. Ẹ gbé e jáde, ẹ nu ìdí rẹ̀, ẹ tún ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta ṣe. Èyí ni T2 àti t2.
6. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ rí i bóyá t yín dúró síbì kan.

Ẹni kan náà ni kó máa wo àmì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú èèyàn méjì kì í gbà pé àmì ti pòórá ní àkókò kan náà.

### Láti aago sí Ea

Imí-ọjọ́ tó tó láti bo àmì náà kò yàtọ̀ nínú ìdánwò méjèèjì. Bí ìyípadà bá yára ní ìlọ́po méjì, ìdajì àkókò ni yóò gbà. Bí ìwọ̀n gbogbo nǹkan tí ẹ dà sínú fúláàsìkì bá sì dọ́gba nínú méjèèjì, a kò ní láti mọ k fúnra rẹ̀:

```
k2/k1 = t1/t2
```

Ẹ kíyè sí bí ó ṣe yí padà: t1 ló wà lókè. Ẹni tó kọ t2/t1 yóò rí Ea tó ní àmì ìyọkúrò.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ rí ìṣẹ́jú-àáyá 58 ní 29 °C, àti 21 ní 46 °C. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà wọ̀nyí, kí ẹ lè rí bí ìṣirò ṣe ń lọ.

```
T1 = 302.15 K     T2 = 319.15 K
ln(58/21) = 1.0159
17 ÷ (302.15 × 319.15) = 0.00017629
Ea = 8.314 × 1.0159 ÷ 0.00017629 = 47,900 J/mol
Ea = 48 kJ/mol
```

### Ibi tí ooru wa ti ń ba ìṣirò jẹ́

Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ ọ́ pé ìwọ̀n ìgbóná inú yàrá jẹ́ 25 °C. Àwọn tó kọ̀wé náà kò sí ní láàbù tí a fi páànù bò ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù ní ọ̀sán gangan. Bí ẹ bá ti tẹmómítà bọ omi tó ti wà lórí tábìlì láti àárọ̀, 28, 29, 30 lẹ ó máa rí, àfi tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tàbí tó jẹ́ pé òwúrọ̀ kùtù ni. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ 25 sílẹ̀ láìwọ̀n ọ́n, torí pé ohun tí ìwé sọ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ẹ fi 25 rọ́pò 29 nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ea yóò já láti 48 sí 38 kJ/mol. Dìgírì mẹ́rin péré ló gbé kílójúùlù mẹ́wàá lọ.

Àṣìṣe kejì wà níbi T2. Tàíósọ́féètì ti gbóná dé 48 °C, ṣùgbọ́n ásíìdì tí ẹ dà sí i wá láti orí tábìlì, ní 29 °C. Bí 50 cm³ tó gbóná bá pàdé 5 cm³ tó tutù jù ú lọ, àdàpọ̀ wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 46 °C. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ka tẹmómítà lẹ́yìn tí ásíìdì bá ti wọlé. Ẹni tó kọ 48 yóò rí 43 kJ/mol dípò 48.

Ẹni tó bá wá ṣe àṣìṣe méjèèjì pọ̀, tó kọ 25 àti 48, yóò rí 35 kJ/mol. Àwọn méjèèjì ń fa Ea sí ìsàlẹ̀, nítorí náà wọn kì í pa ara wọn rẹ́. Bí Ea tí ẹ rí ní láàbù bá máa ń kéré ju ti ìwé lọ nígbà gbogbo, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó dá ásíìdì lẹ́bi.

Aago náà ní tirẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí 21 di 22, Ea yóò di bíi 46. Ìyẹn ṣì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú T2 ga débi pé t2 kò ju mẹ́jọ lọ, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti di ìdá mẹ́jọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí t2 wà láàárín 20 sí 30. Bó bá yára jù, ẹ fi omi kún tàíósọ́féètì sí i, kí ẹ sì ṣe é bákan náà nínú ìdánwò méjèèjì.

### Báwo ni T1 àti T2 ṣe yẹ kí wọ́n jìnnà síra tó?

Ìyàtọ̀ wọn ló wà nísàlẹ̀ nínú ìpín, nítorí náà bó bá kéré, àṣìṣe kékeré yóò di ńlá. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ dìgírì márùn-ún, tí ẹ ṣi ọ̀kan kà, ìdá márùn-ún Ea ti lọ. Bí ó bá jẹ́ ogún, dìgírì kan náà kò ju ìdá ogún lọ. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ dìgírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ bá lè yẹra fún un. Nítorí pé láàbù wa ti gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 55 °C, àyè tó wà lókè kò pọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ mú T1 sọ̀ kalẹ̀: ẹ gbé fúláàsìkì àti ásíìdì sínú omi tí ẹ ju yìnyín sí títí wọn yóò fi dé bíi 18 °C. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ tó lé ní 25 láìfi SO2 da ara yín láàmú.

## Tí ẹ bá fẹ́ lo Excel

Ẹ fi T1 sí A1, T2 sí A2, k1 sí B1, k2 sí B2. Ní ibòmíràn, ẹ tẹ:

```
=8.314*LN(B2/B1)/(1/A1-1/A2)/1000
```

Ìdáhùn yóò jáde ní kJ/mol. Bí ó bá jẹ́ pé t lẹ kọ sí B dípò k, ẹ yí i sí `LN(B1/B2)`. Nínú Excel, `LOG` kì í ṣe `LN`, nítorí náà àṣìṣe 45.6 tí mo sọ lókè lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹ fi nọ́ńbà N2O5 dán an wò kí ẹ tó fi tiyín sí i: bí kò bá fún yín ní 105, ẹ wá ibi tó ti wọ́.

## Ibi tí k méjì kò tó

Nọ́ńbà méjì yóò máa fún yín ní Ea kan nígbà gbogbo, yálà Arrhenius bá ìyípadà náà mu tàbí kò bá a mu. Ìlà tààrà gba orí ààmì méjì èyíkéyìí. Bí ẹ bá ní àkókò, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n ìgbóná mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ fi ln k sí òòró gíráàfù, 1/T sí ìbú rẹ̀. Bí àwọn ààmì bá tò sórí ìlà tààrà, ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà ni -Ea/R. Bí ìlà náà bá tẹ̀, ìyípadà náà ti pa ọ̀nà dà níbì kan, kò sì ní Ea ẹyọ kan tó lè dúró fún gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan tún ti béèrè bóyá wọ́n lè fi ṣe ìṣirò gbágùúdá tí a rin fún gààrí Ìjẹ̀bú, nítorí pé ó máa ń tètè kan nígbà ooru ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé ooru ń mú un yára, ṣùgbọ́n ẹ̀dá alààyè tíntìntín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Iye wọn ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ ti ń lọ, nítorí náà k kò dúró sójú kan. Bí ooru bá sì kọjá ibi tí ara wọn gbà, wọn yóò kú, ìyára yóò já lulẹ̀ dípò kó máa gòkè. Bí T2 yín bá bọ́ sí apá ibi tó ti ń já yẹn, Ea tí ẹ ó rí lè kéré jù tàbí kó tilẹ̀ ní àmì ìyọkúrò, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ṣi nǹkan kan tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí àárín ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n ṣì fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kó wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kó sì wo gíráàfù kó tó gbà á gbọ́.

## Bí ẹ ó ṣe kọ ìdáhùn sílẹ̀

Ẹ kọ Ea pẹ̀lú ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ìwọ̀n ìgbóná méjèèjì tí ẹ ti rí i: "Ea = 48 kJ/mol, láàárín 29 °C àti 46 °C." Ẹ má kọ 47.911 fún ìdánwò tí ẹ fi ojú àti aago ọwọ́ ṣe, nítorí pé tẹmómítà yín kò mọ nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà méjì tó fún ti láàbù ilé-ìwé. Mẹ́ta tó fún ìbéèrè ìdánwò tó fún yín ní k ní nọ́ńbà mẹ́ta. Gígékù yìí, ìparí nìkan ni ẹ ó ṣe é. Láàárín ìṣirò, ẹ jẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà wà nínú kálíkúlétọ̀.